Fọ́tò Lè Tú Àṣírí Lípísítíìkì Ayédèrú, Àmọ́ Kò Lè Jẹ́rìí Ojúlówó

Ọmọbìnrin tó ń ṣe méékọ́ọ̀pù fún ìyàwó ní Ẹ̀pẹ́ kì í sábà fọwọ́ kan ọjà kó tó sanwó rẹ̀. Ọlọ́jà rẹ̀ wà ní Balógun, ní Ìdúmọ̀tà tàbí ní Tíréèdì Fíà lójú ọ̀nà Badagry. Ọlọ́jà á gbé fọ́tò sórí Wáàsáàpù lálẹ́, oníbàárà á fi owó ránṣẹ́ láàárọ̀, ọlọ́kadà tàbí awakọ̀ bọ́ọ̀sì á sì gbé ẹrù wá. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ìkòròdú, láti Sábọ́ títí dé Ìgbógbò. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà náà fọwọ́ sí wà lápá Ìkejà, Lẹ́kí àti Victoria Island. Ẹni tó ní iṣẹ́ ìyàwó lọ́jọ́ Sátidé kò lè máa jókòó sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ títí dé ibẹ̀ nítorí lípísítíìkì kan. Fọ́tò ló fi ń yẹ ọjà wò, nítorí náà ó yẹ kó mọ ohun tó yẹ kó wò nínú rẹ̀.

Ẹnu ni lípísítíìkì ń lọ, bí a bá ṣe ń jẹun tí a sì ń lá ètè ni a ń gbé e mì. Lóṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn ọlọ́pàá Los Angeles ya wọ ṣọ́ọ̀bù 21 ládùúgbò tí wọ́n ń pè ní Santee Alley, wọ́n sì kó ayédèrú ọjà ìṣaralóge tó tó 700,000 dọ́là. Kòkòrò àrùn àti ìgbẹ́ ni àyẹ̀wò bá nínú wọn. Lóṣù kìíní ọdún yẹn kan náà, GAO, iléeṣẹ́ tó ń bá ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí, gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ra ọjà 47 lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà lórí ìkànnì ńláńlá. Mẹ́tàlá nínú rẹ̀ jẹ́ ọjà ìṣaralóge tó ń jẹ́ Urban Decay, ayédèrú sì ni gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá. Fọ́tò nìkan ni wọ́n rí kí wọ́n tó sanwó, bíi ti oníbàárà wa ní Ẹ̀pẹ́.

Ìgbàgbọ́ tèmi lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé fọ́tò lè dá ọjà lẹ́bi, kò sì lè dá a láre. Àṣìṣe kan ṣoṣo tó dájú tó láti kọ ọjà sílẹ̀. Àmọ́ bí gbogbo àmì bá tilẹ̀ pé, ohun tí a mọ̀ kò ju pé a kò tíì rí àṣìṣe lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dojú èyí kodò: wọ́n á rí báákóòdù, wọ́n á rí páálí tó dán, wọ́n á ní orígínà ni.

Òǹtẹ̀ báàṣì

Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni òǹtẹ̀ báàṣì, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà kéékèèké tó máa ń wà nídìí lípísítíìkì, lábẹ́ ìgò faundéṣàn, àti ní etí páálí. Báàṣì ni ọjà tí wọ́n pò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì rọ sínú ìgò tàbí mọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọjà kan bá ní àbùkù, òǹtẹ̀ yìí ni ilé-iṣẹ́ fi ń mọ èyí tí wọ́n máa kó padà.

Ẹ ronú sí bí òǹtẹ̀ náà ṣe ń débẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ti máa ń tẹ páálí àti lébẹ̀ẹ̀lì lọ́pọ̀ yanturu sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ọjà, ìwọ̀n rẹ̀ àti èròjà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n máa rọ ọjà sínú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá rọ ọ́ gan-an ni ẹ̀rọ mìíràn máa ń fi òǹtẹ̀ báàṣì sí i. Nítorí bẹ́ẹ̀, òǹtẹ̀ ojúlówó máa ń dà bí àlejò lára páálí. Lẹ́tà rẹ̀ kò jọ lẹ́tà yòókù. Ó lè jẹ́ yíǹkì tó kán sílẹ̀ ní tóótòòtó, ó lè jẹ́ iná lésà tó jó o sára páálí, ó sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ wọnú páálí tí èékánná á gbọ́. Lára ọ̀kan, ó lè yẹ̀ sókè díẹ̀, lára òmíràn, ó lè wọ́ sápá òsì.

Ẹni tó ń ṣe ayédèrú kì í sábà ní ẹ̀rọ kejì yìí. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ra páálí ojúlówó kan, ó ya gbogbo ara rẹ̀, tòun ti òǹtẹ̀ báàṣì, ó sì tẹ gbogbo rẹ̀ papọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí ló fi jẹ́ pé òǹtẹ̀ ayédèrú sábà máa ń ní yíǹkì kan náà pẹ̀lú orúkọ ọjà, ó dán bíi tirẹ̀, ó sì wà lójú kan náà gẹ́lẹ́ lára gbogbo páálí. Bí ẹ bá fẹ́ rí èyí nínú fọ́tò, ẹ má ṣe béèrè fún àwòrán ọ̀kan. Ẹ ní kí ọlọ́jà to mẹ́rin sílẹ̀, kó dojú wọn dé, kó sì ya ìdí wọn papọ̀.

Òǹtẹ̀ náà tún ní ohun tó ń sọ. M·A·C ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé orúkọ rẹ̀ pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń ṣe méékọ́ọ̀pù níbí. Ìlú Toronto ní Kánádà ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1984, ilé-iṣẹ́ Estée Lauder ló sì ni ín báyìí, àwọn náà ló ni Clinique àti Bobbi Brown. Òǹtẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ yìí ń lò kì í sábà ju àmì mẹ́ta lọ. Èkejì ni oṣù: 1 sí 9 dúró fún oṣù kìíní sí oṣù kẹsàn-án, A ni oṣù kẹwàá, B ni oṣù kọkànlá, C sì ni oṣù kejìlá. Ẹ̀kẹta ni nọ́ńbà tó parí ọdún. Bí ẹ bá rí `A53`, oṣù karùn-ún ọdún tó parí sí 3 ni, ó lè jẹ́ 2023, ó sì lè jẹ́ 2013. Bí ẹ bá rí `AK3`, kò sí oṣù tó ń jẹ́ K. Ẹni tó kàn fi ojú inú kọ ọ́ ni ó kọ ọ́.

Àwọn ìkànnì kan wà, bíi CheckFresh, tí èèyàn lè tẹ òǹtẹ̀ sí kí wọ́n bá a túmọ̀ rẹ̀ sí ọjọ́. Wọ́n wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ bí ọjà ṣe pẹ́ tó. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe kò kọjá ìtumọ̀: òǹtẹ̀ èyíkéyìí tó bá ti bá ìlànà mu, wọ́n á fún un ní ọjọ́, ìbáà jẹ́ ara páálí ayédèrú ni wọ́n ti dà á kọ. Ọlọ́jà tó bá fi èsì irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ hàn yín kò tíì fi ẹ̀rí kankan hàn yín.

Àmì tí wọ́n tẹ̀ wọ ara

Ọ̀pọ̀ lípísítíìkì olówó iyebíye ló ní orúkọ tàbí àmì ilé-iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ wọ ara ìda rẹ̀. Wọn kì í gbẹ́ ẹ lẹ́yìn tó bá gan. Ara mọ́ọ̀dù ni àmì náà wà, wọ́n á yọ́ ìda pẹ̀lú òróró àti àwọ̀, wọ́n á rọ ọ́ sínú mọ́ọ̀dù, bó bá sì tutù tó gan, á jáde pẹ̀lú àmì lára. Bí mọ́ọ̀dù bá dára, etí lẹ́tà á mú, inú rẹ̀ á jìn bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ihò inú àwọn lẹ́tà bíi A àti R á ṣí dáadáa. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú sábà máa ń fi ojúlówó kan ṣe mọ́ọ̀dù tirẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá da mọ́ọ̀dù kọ báyìí ni díẹ̀ ń sọnù lára etí lẹ́tà. Ìdí nìyẹn tí àmì ayédèrú fi ń rí róbótó létí, tó sì ń jìn lápá kan ju apá kejì lọ.

Iná iwájú kì í jẹ́ kí a rí èyí. Fíláàṣì fóònù máa ń bo gbogbo òjìji mọ́lẹ̀, ara lípísítíìkì á kàn máa dán. Ẹ bẹ ọlọ́jà kó pa fíláàṣì, kó gbé lípísítíìkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tàbí kí ẹlòmíràn tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ kó lọ sílẹ̀ dáadáa. Òjìji á wá jókòó sínú àwọn lẹ́tà, ìjìn wọn á sì hàn. Bákan náà ni kó ya àmì tó wà lára ìdérí àti ara ike. Ní ti M·A·C, ẹ wo àmì tóótòòtó tó wà láàárín lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ààrin gíga lẹ́tà ni wọ́n wà. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi wọ́n sísàlẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn parí gbólóhùn.

Ẹ ṣọ́ra níbí. Oòrùn ìlú wa lágbára, lípísítíìkì tó bá sì wà nínú ọkọ̀ láti Tíréèdì Fíà dé Ìtóìkín lọ́sàn-án gangan lè làágùn, àmì ara rẹ̀ lè rọ̀. Òróró tó yọ tóótòòtó sórí rẹ̀ kò sọ ọ́ di ayédèrú. Bákan náà ni èyí tí ẹnì kan ti fi kun ètè wò lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń dá ọjà lẹ́bi lórí àmì ara ìda nìkan, àfi tí orúkọ tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ àṣìkọ.

Lébẹ̀ẹ̀lì èròjà

Ara lébẹ̀ẹ̀lì yìí ni ayédèrú ti máa ń sọ̀rọ̀ jù, torí pé kò sẹ́ni tó ń kà á. Lẹ́tà rẹ̀ kéré gan-an, ẹni tó ń dà á kọ sì mọ̀ pé oníbàárà á fojú fò ó.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà dà á kọ. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n ya fọ́tò lébẹ̀ẹ̀lì ojúlówó, kí wọ́n sì tún fọ́tò náà tẹ̀. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, sípẹ́lì á pé, àmọ́ lẹ́tà á sanra, inú `e` àti `a` á dí, bí ẹ bá sì fà á sún mọ́ra, ẹ ó rí i pé etí lẹ́tà dúdú ní tóótòòtó àwọ̀ pupa tàbí búlúù. Lẹ́tà dúdú ara páálí ojúlówó sábà máa ń jẹ́ yíǹkì dúdú nìkan, etí rẹ̀ á sì gé dáadáa. Ọ̀nà kejì ni kí ẹnì kan jókòó tẹ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Níbẹ̀, lẹ́tà á mọ́ kedere, sípẹ́lì ló máa bàjẹ́. `Ingredients` á di `lngredients`, nítorí pé `l` kékeré ló wà níbi tó yẹ kí `I` ńlá wà. Òdo á gba ipò `O`. `Cyclopentasiloxane` á sọ lẹ́tà kan nù láàárín. Kánádà sì ní òfin pé èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé gbọ́dọ̀ wà lára irú ọjà yìí, nítorí náà ẹ ó rí `ROUGE À LÈVRES` lára lípísítíìkì M·A·C.

Yàtọ̀ sí sípẹ́lì, ẹ wò ó bóyá èròjà bá ọjà mu. Àwọn àwọ̀ ní nọ́ńbà tí gbogbo ayé mọ̀. `CI 77491` ni pupa tó ń wá láti ara irin, `CI 77492` ni yẹ́lò rẹ̀, `CI 77499` ni dúdú rẹ̀, `CI 77891` sì ni funfun. Faundéṣàn tó máa bá àwọ̀ ara èèyàn mu, pàápàá tiwa, kò lè ṣe láìlo àwọn ti irin mẹ́ta yẹn. Ìparí èròjà ni wọ́n máa ń wà, lẹ́yìn àmì `+/-`, torí pé lébẹ̀ẹ̀lì kan náà ni wọ́n ń lò fún oríṣiríṣi àwọ̀. Bí ẹ bá rí lébẹ̀ẹ̀lì faundéṣàn tí ọ̀kankan nínú àwọn àwọ̀ wọ̀nyí kò sí lára rẹ̀, ara ọjà mìíràn ni wọ́n ti gbé e wá. Bákan náà ni èyí tí iwájú rẹ̀ ní `SPF 15`, ìyẹn ni pé ó ń dènà oòrùn, tí kò sì sí èròjà adènà oòrùn kankan lẹ́yìn rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ka adènà oòrùn sí oògùn, nítorí náà lára èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, èròjà adènà oòrùn ló ń ṣáájú, tó ń dá dúró lọ́tọ̀, tòun ti ìdá rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ẹrù kan wò

Ká ní ọlọ́jà kan gbé lípísítíìkì M·A·C méjìlá àti ìgò faundéṣàn Studio Fix Fluid kan síwájú aṣeméékọ́ọ̀pù kan ní Ayétòrò, Ẹ̀pẹ́. Àwọ̀ méjìlá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Ruby Woo wà nínú wọn. Iye owó rẹ̀ kò pọ̀, fọ́tò rẹ̀ sì fani mọ́ra.

Ó ní kí wọ́n ya ìdí mẹ́rin papọ̀. `A53` ni gbogbo wọn, lójú kan náà, yíǹkì kan náà pẹ̀lú orúkọ àwọ̀. Ṣé àwọ̀ méjì ò lè ní òǹtẹ̀ kan náà ni? Wọ́n lè ní i, torí pé àmì mẹ́ta péré ni, oṣù kan náà sì ni wọ́n lè ti ṣe wọ́n. Torí náà kò tíì dá a lẹ́bi. Ó ní kí wọ́n ya mẹ́jọ yòókù. `A53` ni gbogbo wọn. Ó wá ní kí wọ́n ya páálí Ruby Woo àti ìdí lípísítíìkì inú rẹ̀ sínú fọ́tò kan: páálí ní `B81`, lípísítíìkì ní `A53`. Òǹtẹ̀ méjèèjì yẹ kó bára mu. Ọlọ́jà lè ní àwọn ló ṣi páálí gbé nígbà tí wọ́n ń fi han oníbàárà mìíràn, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ fún ẹyọ kan. Àmọ́ àwọ̀ méjìlá tó wá láti oṣù kan ṣoṣo, tí òǹtẹ̀ wọn kò yẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì, kò ní àlàyé bẹ́ẹ̀.

Ó yíjú sí faundéṣàn. Lẹ́tà lébẹ̀ẹ̀lì rẹ̀ ṣú, inú `e` dí. Ó tọ́ kó dúró díẹ̀ níbí, nítorí Wáàsáàpù máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́, èyí sì lè ba lẹ́tà ojúlówó náà jẹ́. Ó ní kí ọlọ́jà fi fọ́tò náà ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí dọ́kúmẹ́ǹtì, kó má baà fún un pọ̀. Ní báyìí lẹ́tà ti mọ́. Iwájú ìgò ní `SPF 15` àti 30 ml, bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn, `lngredients` ni wọ́n kọ, `CI 77491` wà níbẹ̀, `CI 77499` ti di `CI 77949`, kò sì sí adènà oòrùn kankan. Fífún fọ́tò pọ̀ lè ba etí lẹ́tà jẹ́, kò lè pààrọ̀ ipò nọ́ńbà. Ọ̀rọ̀ parí. Ó sọ fún ọlọ́jà pé òun ò rà á mọ́, kò sì ná an kọ́bọ̀ kan.

Ẹ kíyè sí i pé òǹtẹ̀ nìkan kò tètè yanjú rẹ̀, lẹ́tà tó ṣú nìkan náà kò yanjú rẹ̀. Àwọn nọ́ńbà tó yí padà ló yanjú rẹ̀, torí pé kò sí nǹkan mìíràn tó lè fa ìyẹn.

Ohun tí fọ́tò kò lè rí

Nọ́ńbà NAFDAC jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Òfin wa ní kí ọjà ìṣaralóge tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà ní i lára, èèyàn sì lè wá orúkọ ọjà náà lórí `greenbook.nafdac.gov.ng`. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ojúlówó ni àwọn èèyàn ń gbé nínú báàgì wá láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Dubai, tí kò ní nọ́ńbà yìí. Irú èyí kò tẹ̀lé òfin, ṣùgbọ́n kì í ṣe ayédèrú. Bẹ́ẹ̀ sì ni ayédèrú lè gbé nọ́ńbà ọlọ́nọ́ńbà sára. Bí nọ́ńbà bá wà, ẹ wá a, kí ẹ sì rí i pé orúkọ ọjà àti ilé-iṣẹ́ tó jáde bá èyí tó wà lára ìgò mu.

Páálí náà máa ń yí padà. Ilé-iṣẹ́ ń pààrọ̀ lẹ́tà, wọ́n ń pààrọ̀ ìdérí, nítorí náà fọ́tò ojúlówó ọdún mẹ́fà sẹ́yìn kò tó láti fi dá ọjà tuntun lẹ́bi. Òórùn kò sí nínú fọ́tò, bẹ́ẹ̀ òórùn fànílà lípísítíìkì M·A·C jẹ́ ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń dá a mọ̀.

Èyí tó burú jù ni ìgò ojúlówó tí wọ́n rọ ayédèrú sínú rẹ̀. Òǹtẹ̀ á pé, lébẹ̀ẹ̀lì á pé, lẹ́tà á gé dáadáa, torí pé ti ilé-iṣẹ́ gan-an ni. Kò sí fọ́tò tó lè tú irú èyí. Ibi tí ìgò òfìfo ti ń wá ni a lè dí, ọwọ́ àwa tí a ń lo ọjà wọ̀nyí sì ni ó wà. Nítorí náà, ẹ̀yin aṣeméékọ́ọ̀pù ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, bí faundéṣàn bá tán, ẹ má ṣe ta ìgò rẹ̀ fún ẹni tó ń ra ìgò, ẹ má sì jù ú sí ààtàn bó ṣe wà. Ẹ fi ọ̀bẹ họ òǹtẹ̀ báàṣì àti orúkọ rẹ̀ kúrò, ẹ ṣẹ́ póm̀pù rẹ̀ bó bá ní, ẹ ya páálí rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kí ẹ tó dà á nù.